Àbíkú kọ́, ìrètí kọ́: kí la máa wá pè é?

Ọmọ Rédíò: Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀yin àgbà. Ìròyìn kan wà lọ́wọ́ mi tí mo máa kà lọ́la, ó ní “ìrètí ọjọ́ ayé” kéré ní Nàìjíríà, ó tún ní “ìwọ̀n àbíkú” ní Kebbi jẹ́ 252 nínú ẹgbẹ̀rún, ti Ògùn jẹ́ 30. Ṣé Yorùbá lèyí? Ibo ni wọ́n sì ti rí òkú ọmọ kà, nígbà tí ẹnikẹ́ni kì í lọ fi ikú ọmọ sílẹ̀ ní sẹkitéríàtì?

Tíṣà Àgbà: Ta ló kọ ìkọkúkọ yìí? Láti 1984 ni mo ti ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Àbíkú lọ́tọ̀, ọmọ tó kú lọ́tọ̀! Àbíkú lẹni tó ń lọ tó ń bọ̀, tá a máa ń sọ ní Málọmọ́, Dúrójayé, Kòsọ́kọ́. Ọmọ tí ibà pa ní Kebbi, ẹgbẹ́ wo ló ní lọ́run? Bàbá àgbà mi ì bá fìpá lé irú akọ̀ròyìn bẹ́ẹ̀ jáde nílé. Ká tún wá sórí “ìrètí”. Ta ló ń retí? Ṣé ikú ni wọ́n ń retí ni?

Ọmọ Àkúrẹ́: Tíṣà ẹ má bínú, àmọ́ ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa, à-bí-kú, ohun tá a bí tó kú, kò sí ẹgbẹ́ ọ̀run kankan nínú mọ́fíìmù yẹn, àwọn èèyàn ló gbé e wọ̀ ọ́. “À” yẹn kan náà ló wà nínú àbíyè, ìjọba Mimiko ní Oǹdó sì fi Àbíyè pe ètò ìtọ́jú aláboyún, ẹ̀bá Àkúrẹ́ níbí ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò, ẹnì kan ò jà. Ẹ fi àbíkú sílẹ̀ jàre. Ti “ìrètí” yẹn ni mo gbà fún yín, ìpíndọ́gba ọjọ́ orí ló yẹ kó jẹ́. Bíi 54 ni ti Nàìjíríà, ìyẹn ni pé béèyàn bá ti ń sún mọ́ 54 kó máa rọra.

Bàbá Ìlọrin: Kó máa rọra kẹ̀? Mo ti pé 71 báyìí, bàbá tó bí mi lo 97, ọjọ́ tó máa kú gan-an ó jẹ àmàlà. Ṣé wọn ò ka tiwa mọ́ ọn ni? Àbí kí n máa palẹ̀ mọ́?

Ìyá Ìbejì: Bàbá ẹ jókòó yín, wọ́n kà yín. Ọmọ Àkúrẹ́ ló ṣì í sọ. Ìpíndọ́gba ọjọ́ orí ni ká ro ọjọ́ orí gbogbo àwa tá a wà láàyè pọ̀ ká pín in, ìyẹn ò tiẹ̀ tó 54 rárá, torí ọmọdé ló pọ̀ jù nílùú. 54 yìí, ti ọmọ tí wọ́n bí lónìí ni, iye ọdún tó máa lò tí ikú bá ń pa gbogbo ọjọ́ orí bó ṣe ń pa wọ́n lọ́dún yìí.

Ẹ jẹ́ ká fi abúlé méjì ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n bí ọmọ mẹ́wàá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní àkọ́kọ́, méjì kú bí wọ́n ṣe pé ọdún kan, mẹ́jọ tó kù lo 65. Ẹ rò ó pọ̀, ọdún 522, ẹ pín in sí mẹ́wàá, ó lé díẹ̀ ní 52. Ní ìkejì gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lo 65, wọ́n ní 65. Àgbà abúlé méjèèjì, ibì kan náà ni wọ́n dé, ọmọ méjì péré ló fa ọdún mẹ́tàlá yẹn sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyàtọ̀ tẹ́ ẹ ń rí láàrin Àríwá àti Gúúsù, ibẹ̀ ló ti ń wá, kì í ṣe pé àgbàlagbà wọn ò lè dàgbà.

Bàbá Ìlọrin: Ó dáa. Mo tú ẹrù mi.

Tíṣà Àgbà: Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ ò tíì dáhùn ọ̀rọ̀ orúkọ. Ibo lẹ tiẹ̀ ti kọ́ ìṣirò yẹn?

Ìyá Ìbejì: Ẹsẹ̀ ni mo fi kọ́ ọ. Mo ti gbé ìwé ìbéèrè irú ẹ̀ kiri abúlé rí. 252 àti 30 tí Ọmọ Rédíò mú wá yẹn, inú ìwádìí 2018 tí Àjọ Ìkànìyàn ṣe ló wà, ó lé ní ọ̀kẹ́ méjì obìnrin, láti ọmọ ọdún 15 sí 49, tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ lójúkojú. Kò sẹ́ni tó lọ ka sàréè. Ìyá ni wọ́n bi, ọmọ wo lo bí, ìgbà wo, ṣé ó wà, bí kò bá sí, ọmọ ìgbà wo ló jẹ́?

Ó rọrùn lẹ́nu. A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ, ẹ̀yin náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan ń yan gààrí níwájú mi, ó ní ọmọ márùn-ún lòun bí. Mo kọ ọ́. Mo tún bi í, ṣé kò sí èyí tó ké tàbí tó mí, bó tiẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú kan? Kò gbójú sókè, ó ń ro gààrí lọ. Ó pẹ́ kó tó ní, “àwọn méjì padà.” Kò pe ikú rárá. Ká ní mo ti dìde ni, méjì yẹn ò sí nínú ìṣirò ẹnikẹ́ni.

Mo ní ọmọ ìgbà wo ni wọ́n, ó ní ọdún kan. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà. Ẹni tó lo oṣù mẹ́wàá, ọdún kan. Ẹni tó lo oṣù mẹ́rìnlá, ọdún kan náà ni. Bí mo bá kọ oṣù 12 fún ọmọ oṣù mẹ́wàá, mo ti yọ ọ́ kúrò nínú àwọn tí kò pé ọdún, ikú ọmọ ọwọ́ á dà bíi pé ó dín kù. Tí ẹ bá rí èsì tí òkú oṣù 12 pọ̀ ju ti 11 àti 13 lọ fíìfíì, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ní kó sọ fún mi, ṣé ó ti ń dìde dúró? Ó ní rárá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá, ó kú kí Iléyá tó dé. Oṣù mẹ́jọ ló já sí.

Ọmọ Àkúrẹ́: Hmm. Ká pè é ní “ikú àìpọ́dún” nígbà náà?

Tíṣà Àgbà: Ta ni kò pọ́dún, ikú àbí ọmọ? “Àì” yẹn ti so mọ́ ikú báyìí! Ikú ọmọ aláìpọ́dún, kó ní “oní” ẹ̀ níwájú. Gírámà ò ṣeé sáré kọ.

Ìyá Ìbejì: Mo fara mọ́ Tíṣà, àmọ́ kò bá ìròyìn yìí mu. 252 kì í ṣe ti ọmọ aláìpọ́dún, ti ọmọ tí kò pé ọdún márùn-ún ni, ìyẹn ọ̀kan nínú mẹ́rin. Ti aláìpọ́dún nínú ìwádìí yẹn jẹ́ 67 fún gbogbo Nàìjíríà. Ẹ má sì fi 30 Ògùn yangàn jù. Ikú ọdún mẹ́wàá ni wọ́n kó jọ fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ òkú tí wọ́n rí ní ìpínlẹ̀ kan kéré, ìyá mélòó kan tó bá dákẹ́ ti tó yí i padà. Ti ẹkùn ló ṣeé gbára lé díẹ̀, 187 ní Àríwá Ìwọ̀-Oòrùn, 62 ní Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn níhìn-ín. Ìyá tóun fúnra ẹ̀ ti kú ńkọ́, ta ló máa bá a ka tiẹ̀?

Ọmọ Àkúrẹ́: Àríwá yẹn, ṣé kì í ṣe tọmọ bíbí léraléra ni?

Ìyá Ìbejì: Ó wà níbẹ̀. Àjẹsára tí kò dé ọ̀dọ̀ wọn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àti ibà. Kì í ṣe ohun kan.

Tíṣà Àgbà: “Ìrètí” ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: A ò ní ìwé ikú tó péye, torí náà ikú ọmọdé tí ìyá sọ ni wọ́n fi ń fojú díwọ̀n ti àgbà, wọ́n á gbé e lé àtẹ ikú tí wọ́n ti rí níbòmíràn. Ìfojúdíwọ̀n ọdún ayé lèmi máa ń pè é.

Bàbá Ìlọrin: Ó gùn.

Ọmọ Rédíò: Ẹ ṣeun o. Mo ti yọ àbíkú, mo kọ “ikú ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún”. Olóòtú ní ìfojúdíwọ̀n gùn jù fún ìròyìn ìṣẹ́jú méjì, ó ní kí n fi ìrètí sílẹ̀.

Tíṣà Àgbà: Bá mi bi olóòtú yẹn, ìrètí ta ni?