Kí la ó máa pè é: ìdákọ̀ró, oríkì, àbí èèkàn?

Tíṣà Súrùlérè:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará. Mò ń fi ẹ̀rọ AI tó ń sọ ọ̀rọ̀ téèyàn bá tẹ̀ di fídíò ṣe fídíò kékeré fáwọn ọmọ kíláàsì mi, ìyá alákàrà kan láti Ìdúmọ̀tà ni, kílíìpù mẹ́sàn-án, sẹ́kọ́ńdù mẹ́jọ mẹ́jọ. Wọ́n ní kí n máa tún àwọn ọ̀rọ̀ kan tó ṣàpèjúwe ẹ̀ kọ bákan náà sínú gbogbo ẹ̀ kójú ẹ̀ má bàa máa yí padà. Kí la lè pe irú àwọn ọ̀rọ̀ yẹn ní Yorùbá, kí n lè kọ ọ́ sínú ìwé tíṣà? Ẹnì kan ní "ìdákọ̀ró", kò fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ mí létí. Àti pé kí ló dé tójú ẹ̀ ṣì ń yí padà?

Bàbá Ìsàlẹ̀ Èkó:
Ọmọ mi, ìdákọ̀ró ò ní wàhálà kankan. Ohun tó ń dá ọkọ̀ ró ni, ó ti wà nínú Bíbélì Yorùbá tipẹ́, ẹ wo Hébérù 6:19. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ̀ ń wá, oríkì lèmi á mú. Tí wọ́n bá ki èèyàn ní Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n tún kì í ní Òṣòdì, ẹni yẹn náà ni, kò di ẹlòmíì. Ohun tẹ́ ẹ̀ ń ṣe ò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀ ń ki ìyá alákàrà fún ẹ̀rọ kó lè dá a mọ̀.

Ọmọ Yábàá:
Ẹ kú ilé o Bàbá. Iṣẹ́ fídíò yìí ni mò ń ṣe látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ibi tí oríkì ti máa ṣì wá lọ́nà gan-an ni "kó lè dá a mọ̀" yẹn. Ẹ̀rọ ò dá ẹnikẹ́ni mọ̀. Tó bá ń ṣe kílíìpù kẹta, kò mọ̀ pé ó ti ṣe ìkejì rí. Ńṣe ló máa ń bẹ̀rẹ̀ látorí àwòrán tó kún fún èérún lásán, bíi tẹlifíṣọ̀n tí àńtẹ́nà ẹ̀ já, á wá máa nu èérún yẹn kúrò díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ tẹ̀ ló ń tọ́ ọ sọ́nà bó ṣe ń nù ún. Ohun tẹ́ ẹ bá sọ, á gbìyànjú ẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ ò bá sọ, á fọwọ́ ara ẹ̀ mú un, èyí tó bá sì mú lónìí kọ́ ló máa mú lọ́la. Ìdí tójú ẹ̀ fi ń yí padà nìyẹn.

Èèkàn lèmi máa ń pè é. Ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn lè jẹ koríko lápá ibí, kó jẹ lápá ọ̀hún, ó lè dìde, ó lè dùbúlẹ̀, àmọ́ ibi tókùn bá mọ ló mọ. Ìdákọ̀ró ń dá ọkọ̀ ró ni, ọkọ̀ ò sì ní lọ síbì kankan mọ́. Àwa ò fẹ́ kí ìyá alákàrà dúró sójú kan, a fẹ́ kó wọ dánfó kó lọ sí Òyìngbò, ìrísí ẹ̀ nìkan la ò fẹ́ kó ṣáko.

Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ tẹ̀ gan-an ní kílíìpù méjì tí ojú ẹ̀ ti yàtọ̀ ká rí i.

Tíṣà Súrùlérè:
Ní kílíìpù kejì mo tẹ `an old Yoruba akara seller in a yellow headwrap`. Ní ìkarùn-ún, `Mama the akara seller, elderly, wearing a yellow gele, crossing Carter Bridge in a danfo`. Ní ti èkejì, ìyá arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ tó wé gèlè pẹlẹbẹ ló jáde. Ní ti ìkarùn-ún, obìnrin tó sanra, gèlè ẹ̀ ga bíi ti ìyá ìyàwó.

Ọmọ Yábàá:
Ẹ ti rí i. Lójú yín ohun kan náà ni `headwrap` àti `gele`, lójú ẹ̀rọ kì í ṣe ọ̀kan náà rárá, torí àwòrán tí wọ́n fi kọ́ ọ pé `gele` nìyí, òde ìgbéyàwó ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. `Old` àti `elderly` náà, ẹ ṣì ń fi í sílẹ̀ láàárín ọgọ́ta ọdún sí àádọ́rùn-ún. Ẹ ò sì sọ nǹkan kan nípa bójú ẹ̀ ṣe rí, ẹ ò sọ aṣọ ọrùn ẹ̀, ibi tí kò sí èèkàn ló ti ṣáko. Yorùbá tó mọ̀ ọ́n kọ kì í fẹ́ tún ọ̀rọ̀ kan sọ lẹ́ẹ̀mejì, a máa ń wá ẹ̀dà ẹ̀ kó lè dùn, ìwà dáadáa yẹn gan-an ló ń bà á jẹ́ níbí.

Ohun tí mo máa ṣe ni pé màá kọ ìyá náà lẹ́ẹ̀kan, màá fi pamọ́ sínú nóòtì fóònù mi, màá wá máa da ẹ̀ síbẹ̀rẹ̀ gbogbo kílíìpù bó ṣe wà, kọ́mà kan ò ní yẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀ ni màá tó kọ ibi tó wà àti ohun tó ń ṣe:

```
A Yoruba woman, 60 years old, thin, long face,
dark brown skin, small yellow scarf tied flat,
plain indigo blouse, round brass earrings.
She fries akara by the roadside at dawn.
```

Ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn ni èèkàn, ìlà ìkẹyìn nìkan lẹ̀ ń pààrọ̀. Ẹ wò ó pé gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ lojú ń rí. Tẹ́ ẹ bá kọ pé ó nínúure tàbí ó ti jìyà rí, ojoojúmọ́ ni ẹ̀rọ máa fi ojú mìíràn ya ìyẹn fún yín. Ẹ má sì kó ogún nǹkan jọ, mi ò kì í kọjá méje sí mẹ́jọ, torí tó bá ti pọ̀ jù á máa fo òmíràn, tàbí kó mú àwọ̀ síkáàfù lọ lẹ̀ mọ́ búláòsì.

Bùọ̀dá Ṣómólú:
Gbogbo wàhálà yìí ò pọn dandan. Ẹ fún un lórúkọ, ẹ pè é ní Síkírá Alákàrà, kẹ́ ẹ wá fi nọ́ńbà síìdì kan náà sí gbogbo kílíìpù, ó ti parí nìyẹn. Mo ti ṣe é rí, ẹni kan náà ló jáde lẹ́ẹ̀mẹta léraléra. Torí náà "orúkọ" la máa pè é, kò sí nǹkan tuntun ńbẹ̀.

Ọmọ Yábàá:
Bùọ̀dá, síìdì wúlò, àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣe. Èérún tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, síìdì ni nọ́ńbà tó ń sọ bí wọ́n ṣe máa fọ́n ọn. Tí nọ́ńbà bá jẹ́ ọ̀kan, tọ́rọ̀ náà jẹ́ ọ̀kan, ohun tó máa jáde á jọra gan-an, ìyẹn lẹ rí lẹ́ẹ̀mẹta yẹn, ó dá mi lójú pé ẹ ò yí ọ̀rọ̀ padà. Ẹ kàn gbé e láti orí àdògán lọ sínú dánfó lẹ máa rí i pé ọ̀rọ̀ ti fa àwòrán lọ síbòmíì, èérún ò lè dì í mú. Orúkọ ńkọ́? Ẹ̀rọ ò mọ Síkírá kankan. Orúkọ ẹni tí gbogbo ayé mọ̀, tí àwòrán ẹ̀ kún ibi gbogbo, ìyẹn lè mú nǹkan wá, ti ìyá alákàrà wa ò lè mú nǹkan kan wá.

Àǹtí Ẹ̀bútẹ̀ Mẹ́tta:
Ẹ má bínú o, mi ò mọ̀ bóyá ibí ni mo ti lè béèrè. Àdìrẹ ni mò ń tà, mo fẹ́ fi ẹ̀rọ yìí polówó ẹ̀, ọmọ tó bá mi ṣe é kọ `blue adire` sí gbogbo kílíìpù, kò yí i padà rárá, síbẹ̀ aṣọ tó wà lọ́rùn ọmọge yẹn ní kílíìpù àkọ́kọ́ jẹ́ róbótó róbótó, ìkejì di ìlà, ìkẹta di ewé. Kọ́sítọ́mà mi bi mí pé aṣọ mélòó ni mo fẹ́ tà fóun. Ẹ jọ̀ọ́ èèkàn tèmi ò dì í mú.

Ọmọ Yábàá:
Àǹtí, ọ̀rọ̀ yín kan ìbéèrè yìí gan-an. Ọ̀rọ̀ lè di àwọ̀ mú, kò lè di bátánì mú, torí ẹgbẹ̀rún aṣọ ló ń jẹ́ `adire`. Aṣọ tí kò ní bátánì ni mo fi wọ ìyá alákàrà lọ́rùn, ìdí ẹ̀ nìyẹn. Ní tiyín, ẹ ò lè wọ pílẹ́ìn nígbà tó jẹ́ àdìrẹ lẹ̀ ń tà, torí náà fọ́tò aṣọ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ fún ẹ̀rọ, kó fi bẹ̀rẹ̀ kílíìpù. Tíṣà náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ mú àwòrán kan tójú ìyá náà hàn dáadáa, òun ni kẹ́ ẹ máa fún un fún gbogbo mẹ́sàn-án. Ọ̀rọ̀ nìkan, bó ti wù kó dáa tó, àbúrò àti ẹ̀gbọ́n ló máa fún yín, kì í ṣe ẹni kan náà. Kẹ́ ẹ ṣáà má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àti àwòrán máa jà o, tí síkáàfù inú àwòrán bá jẹ́ yẹ́lò, tẹ́ ẹ wá kọ pupa, ẹ ò mọ èyí tó máa gbọ́.

Bàbá Ìsàlẹ̀ Èkó:
Mo ti gbọ́, mo gba pé oríkì ò bá a mu tán, torí akéwì méjì lè ki èèyàn kan kọ́rọ̀ wọn má tò bákan náà. Ọfọ̀ ni, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Tí ọfọ̀ bá yẹ̀ lẹ́nu, kò ní jẹ́. Kọ́mà tí Ọmọ Yábàá ní kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ yẹn, ọfọ̀ nìkan ni mo mọ̀ tó rí bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún wà tó dùn mí. Ìyá Yorùbá ọgọ́ta ọdún, kò kọlà? Ẹ fi pélé sí i lójú. Ilà ni èèkàn tiwa látijọ́, ibi tẹ́ ẹ bá ti pàdé èèyàn lẹ ti máa mọ̀ ọ́n.

Tíṣà Súrùlérè:
Bàbá, ẹ ṣeun, àmọ́ tí mo bá kọ ọfọ̀ sínú ìwé tíṣà, àwọn òbí kan á wá bá mi ní ọ́fíìsì hẹ́dimásítà.

Mo ti gbìyànjú pélé. Mo kọ `pele`, kò yé e rárá, mo wá kọ pé ìlà kúkúrú mẹ́ta lóòró ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mo gé àwòrán kan látinú kílíìpù kọ̀ọ̀kan, mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí fóònù bí Ọmọ Yábàá ṣe kọ́ mi lórí WhatsApp. Méjì nínú mẹ́sàn-án ní ìlà mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì. Ọ̀kan dà bí ojú ọgbẹ́. Mo yọ ọ́, kò sì dùn mọ́ mi, torí ọ̀rọ̀ Bàbá yẹn tọ̀nà.

Ojú ti wá jọra báyìí nínú méje. Nínú èyí tó ti ń rékọjá Carter Bridge ní ìrọ̀lẹ́, síkáàfù ti di àwọ̀ ọsàn, mo rò pé ó tún ti ṣáko ni.

Ọmọ Yábàá:
Rárá, oòrùn ìrọ̀lẹ́ nìyẹn, aṣọ yẹ́lò gidi náà á rí bẹ́ẹ̀ lórí afárá. Ẹ wo búláòsì, tóun náà bá ti fà sí pupa díẹ̀, iná ló ṣe é, èèkàn dúró. Tó bá jẹ́ síkáàfù nìkan ló yí, ẹ tún un ṣe. Pélé ní tiẹ̀, ẹ fi sínú àwòrán ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, ó lè dúró sí i díẹ̀ tí kò bá fi bẹ́ẹ̀ yíjú, mi ò lè ṣèlérí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá Ìsàlẹ̀ Èkó:
Ọ̀rọ̀ "ṣáko" tẹ́ ẹ ń lò yẹn dáa o, mo fara mọ́ ọn, kẹ́ ẹ kọ "ìṣáko" sínú ìwé náà. Èèkàn ní tiẹ̀, mi ò tíì gbà. Ẹran là ń so mọ́ èèkàn.

Tíṣà Súrùlérè:
Èèkàn ni mo kọ sínú ìwé náà fún ìgbà yìí Bàbá. Mo fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ fún èyí tẹ́ ẹ bá rí.