Fílọ́ọ̀sì, ìtayín àti búrọ́ọ̀ṣì àárín eyín: ọ̀rọ̀ wo ni ká mú?

Atúmọ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mò ń túmọ̀ ìwé pélébé kan lórí ìtọ́jú eyín. Ohun èlò mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: fílọ́ọ̀sì, ìyẹn òwú tí wọ́n ń fà gba àárín eyín, igi tí a fi ń ta eyín, àti búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín tí wọ́n ń tì bọ àárín eyín. "Ìtayín" ni mo pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo wá fi "olówùú" àti "oníbúrọ́ọ̀ṣì" yà wọ́n sọ́tọ̀. Ṣé ó bójú mu? Gbólóhùn kan sì wà tí mi ò fọkàn tán. Mo kọ ọ́ báyìí pé: "Ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì tó tóbi jù, kí ó há sáàárín eyín yín."

Olùkọ́ Àgbà:
Ọmọ mi, kò bójú mu. Ohun tó bá há ni à ń ta. Ẹran há sí eyín, o fi igi ta á, ó bọ́, ó parí. Fílọ́ọ̀sì kì í ta nǹkan kan. Mo ti rí bí wọ́n ṣe ń lò ó: wọ́n á mú un lápá méjèèjì, wọ́n á máa fà á lọ fà á bọ̀ bí ayùn. Nítorí náà "okùn ìgeyín" ni mo dá lábàá.

Nọ́ọ̀sì Eyín:
Ẹ kú ọgbọ́n, bàbá. Òótọ́ ni ohun tí ẹ sọ nípa "ta", ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí "ìgeyín" wọ inú ìwé náà. Ibi tí eyín méjì ti fara kan ara wọn nìkan la ti ń rọra fa òwú lọ síwá sẹ́yìn, kí ó lè ráyè kọjá. Tó bá ti kọjá ibẹ̀, fífà tán. Ẹni tó bá ń fà á bí ayùn dé ìsàlẹ̀ yóò fi gé erìgì ara rẹ̀, mo sì ti rí ojú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Iṣẹ́ gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ ó tẹ òwú náà kí ó gbá ẹ̀gbẹ́ eyín kan mọ́ra, ẹ ó jẹ́ kí ó wọ abẹ́ etí erìgì díẹ̀, ẹ ó wá máa fà á sókè sódò lára eyín náà nígbà mélòó kan. Lẹ́yìn náà, ẹ ó yí i sí eyín kejì tó kọjú sí i, ẹ ó ṣe bákan náà. Ìdọ̀tí yíyọ̀ tó lẹ̀ mọ́ eyín là ń nù kúrò, ì báà jẹ́ pé oúnjẹ kankan ò há síbẹ̀. Ìdí nìyí tí èmi fi fara mọ́ "òwú ìnuyín". Ẹni tó mọ aṣọ ìnura yóò mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ yẹ kó ṣe. Òwú tó tó sẹ̀ǹtímítà 45 ni wọ́n sábà máa ń gé, wọ́n á wé e mọ́ ìka àárín méjèèjì, kí apá tó mọ́ lè máa kan àárín eyín kọ̀ọ̀kan.

Ẹlẹ́jìí:
Èmi lérò pé ẹ ti ń fi ọ̀rọ̀ kékeré ṣe ńlá. A ti ní orúkọ fún àárín eyín láti ọjọ́ tó ti pẹ́: èjí! "Búrọ́ọ̀ṣì èjí" ni kí ẹ pè é. Mo léjìí, ohunkóhun kì í há sí i, nítorí náà mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí mo fẹ́ fi òwú ṣe.

Nọ́ọ̀sì Eyín:
Ẹ̀gbọ́n, èjí yín dára lójú, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun la ń wí. Èjí ni àyè tó ṣí sílẹ̀ láàárín eyín iwájú. Àlàfo tí ìwé náà ń sọ wà nísàlẹ̀ ibi tí eyín méjì ti fara kanra, lẹ́gbẹ̀ẹ́ erìgì, ó sì ní ẹnu bí igun mẹ́ta. Erìgì ló máa ń kún un. Bí erìgì bá ti lọ sókè tàbí sílẹ̀ nítorí àìsàn tàbí ọjọ́ orí, àlàfo náà á ṣófo, gbòǹgbò eyín á sì yọjú. Ẹni tí kò léjìí rárá lè ní mẹ́wàá irú rẹ̀ lẹ́yìn ẹnu.

Ibẹ̀ ni òwú ti ń kùnà. Gbòǹgbò eyín ẹ̀yìn kì í tẹ́jú, àwọn kan ní kòtò gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òwú tí ẹ fà le á gba orí kòtò náà kọjá bí afárá, á sì fi ìdọ̀tí sílẹ̀ nínú rẹ̀. Irun búrọ́ọ̀ṣì á wọ inú kòtò náà. Àmọ́ níbi tí erìgì bá ṣì kún àlàfo pátápátá, òwú ló kù, nítorí búrọ́ọ̀ṣì kò ní rí ọ̀nà gbà.

Aláwọ̀ Pupa:
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Wọ́n ní kí n máa lo búrọ́ọ̀ṣì "pupa". Nígbà tó tán, mo ra pupa tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe. Mo tì í, kò wọlé, mo fi agbára tì í, wáyà rẹ̀ tẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì dà. Mo pa gbogbo rẹ̀ tì fún oṣù mẹ́ta.

Nọ́ọ̀sì Eyín:
Ẹ pẹ̀lẹ́. Àwọ̀ tí wọ́n fi ń sàmì sí ìwọ̀n kò bára mu láti ilé iṣẹ́ kan sí èkejì. Nọ́ńbà ìwọ̀n ti ISO, àjọ tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún àgbáyé, ni kí ẹ wò lára páálí, láti 0 dé 8. Ihò tó kéré jù tí búrọ́ọ̀ṣì náà lè gbà kọjá ni nọ́ńbà yẹn ń tọ́ka sí. Wáyà tó tẹ̀ ti sọ fún yín pé ó tóbi jù fún ibẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ní tirẹ̀ ọ̀tọ̀ ni: bí ìwọ̀n bá tọ́ tí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì yọ, erìgì tó wú ló sábà máa ń fà á, ó sì máa ń dín kù láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì tí ẹ bá ń ṣe é lójoojúmọ́. Bí kò bá dín kù, ẹ lọ rí dókítà eyín.

Ẹ wo ẹnì kan tí mo wọn eyín rẹ̀. Láàárín eyín iwájú rẹ̀, nọ́ńbà 0 pàápàá kò wọlé, mo fi òwú sílẹ̀ fún un níbẹ̀. Lẹ́yìn ẹnu, nọ́ńbà 2 wọlé fàlàlà, irun rẹ̀ kò kan ẹ̀gbẹ́ kankan. Nọ́ńbà 3 kan ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó fún díẹ̀, wáyà kò sì ha eyín. Nọ́ńbà 4 kò wọlé. 3 ni mo fún un, àfi àlàfo kan ṣoṣo tó gba 5. Ẹnu kan náà, ohun èlò mẹ́ta.

Olùkọ́ Àgbà:
Mo gbà, mo yọ "ìgeyín" kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ "há" tí Atúmọ̀ lò léwu? Bàtà tó bá wa mu lè fún wa díẹ̀, kò há. Ohun tó há kì í jáde bọ̀rọ̀.

Atúmọ̀:
Ẹ ṣeun, sà. Mo tún un kọ: "Nínú àwọn búrọ́ọ̀ṣì tó bá wọlé láì jẹ́ pé ẹ fi agbára tì í, ẹ mú èyí tó tóbi jù, kí irun rẹ̀ fún díẹ̀ lára eyín méjèèjì. Níbi tí èyíkéyìí kò bá wọlé, ẹ lo òwú ìnuyín." Mo fi "ìtayín" sílẹ̀ fún igi nìkan, pé oúnjẹ tó há ni kí wọ́n fi yọ, kí wọ́n má fi gún erìgì. Mo pe ìkẹta ní "búrọ́ọ̀ṣì àlàfo".

Ẹlẹ́jìí:
Àlàfo wo? Ẹni tó bá ka "àlàfo" á rò pé ibi tí eyín ti yọ kúrò ni.

Nọ́ọ̀sì Eyín:
Ẹ gbá mi mú níbẹ̀ o, ẹ̀gbọ́n. Àwọn tó ti yọ eyín máa ń lo ọ̀rọ̀ yẹn lóòótọ́. "Búrọ́ọ̀ṣì àárín eyín" ńkọ́?

Olùkọ́ Àgbà:
Ó gùn, ṣùgbọ́n kò ṣini lọ́nà. Ẹ jẹ́ kí n sun lé e lórí.