Ṣé kí n dárúkọ ọjọ́ nínú fídíò ìkíni?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Súrùlérè ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìkànnì oúnjẹ Yorùbá. Ìtàn ìyá mi ni mo kọ́kọ́ fi ṣíde fídíò ìkíni. Ìṣẹ́jú 2 ti lọ kí n tó dárúkọ ọbẹ̀ kankan! Mo wá fi ìjábẹ̀ tó ń já gbẹ̀gìrì bẹ̀rẹ̀, gbogbo fídíò náà wálẹ̀ sí ìṣẹ́jú-àáyá 50. Ìparí ló kù: "Ní gbogbo Wẹ́sìdé àti Sátidé, ẹ ó rí oúnjẹ tuntun."

Iná wa kò ṣeé fọkàn tán, ohun tí mo bá sì fẹnu sọ, àfi kí n tún fídíò ṣe kí n tó lè yí i padà. Ṣé kí n sọ ọjọ́ náà, àbí kí n kọ ọ́ sára àwòrán iwájú ìkànnì nìkan?

Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.