Àmì wo ni ó yẹ abala àṣírí tí òfin àìbánidíje fara pamọ́ sínú rẹ̀?
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ará. Nínú ìwé tí mo fi ń to àwọn abala àdéhùn jọ, abala kọ̀ọ̀kan ní ìlà kan àti àmì kan: àṣírí, àìbánidíje, tàbí ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ ọpọlọ. Ṣùgbọ́n abala 9 nínú àdéhùn kan, tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ "Àṣírí", tún ní kí agbaṣẹ́ṣe má ṣe bá àwọn oníbàárà ilé-iṣẹ́ náà ṣiṣẹ́ fún oṣù 12 lẹ́yìn tí àdéhùn bá parí, nígbà tí àṣírí fúnra rẹ̀ yóò wà fún ọdún 5. Ẹni tó bá ń wo àkọlé nìkan kò ní rí i. Ṣé kí n pín in sí ìlà méjì, kí ọjọ́ ìparí kọ̀ọ̀kan lè dá dúró? Pípín ló wù mí, àmọ́ bí wọ́n bá ṣàtúnṣe abala náà, ẹnìkan lè tún ìlà kan ṣe kó gbàgbé èkejì.