Máàkì 0.97, iye owó tí kò tọ́: ìrírí wa lórí ààlà ìdánilójú

Akọ̀wé Ìṣirò

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mẹ́rin là ń gba ínfọ́ìsì àwọn olùtajà wọlé ní ẹ̀ka ìṣirò owó tí mo wà. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gbé sọ́fítíwíà kan wá fún wa tó ń ka ínfọ́ìsì, tó ń yọ nọ́ńbà rẹ̀, déètì, owó ọjà, owó orí, àpapọ̀ owó àti nọ́ńbà àkáǹtì olùtajà jáde, tó sì ń fún ìkọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 1 láti fi hàn bí ohun tó kà ti dá a lójú tó. Èyí tí máàkì rẹ̀ kò bá dé ààlà, àwa la óò yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó bá dé e yóò wọ inú ìwé tààrà. A fi ààlà sí 0.80 fún gbogbo wọn, nítorí ibẹ̀ la bá a nígbà tí wọ́n gbé e dé, kò sì sẹ́ni tó béèrè ìdí.

Ní oṣù kejì, olùtajà kan kọ̀wé pé owó tí a san fún òun kò pé. Ojú ewé méjì ni ínfọ́ìsì rẹ̀: owó ọjà jẹ́ 4,800.00, owó orí jẹ́ 480.00, àpapọ̀ 5,280.00 sì wà lójú ewé kejì. Sọ́fítíwíà mú 4,800.00 gẹ́gẹ́ bí àpapọ̀, ó sì fún un ní 0.97. Kò ṣi nọ́ńbà kankan kà; ìlà tó ti mú un ni kò tọ́. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, déètì tó gba 0.70 sí 0.79 ló kún iwájú wa, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló tọ̀nà.

A wá kó 300 ínfọ́ìsì tí a ti san tẹ́lẹ̀, tí a sì mọ iye tó tọ́ nínú wọn, a tún wọn kà, a sì fi èsì wé ohun tó wà nínú ìwé, ohun kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Nínú déètì 40 tó gba 0.70 sí 0.79, ẹyọ kan ló lódì. Nínú àpapọ̀ owó 230 tó gba 0.95 sókè, mẹ́fà ló lódì, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló sì jẹ́ pé owó ọjà ló mú. A sọ ààlà déètì kalẹ̀ sí 0.70, a gbé ti àpapọ̀ lọ sí 0.90, a sì fi ìṣirò kan kún un tí kò wo ojú máàkì rárá:

```
subtotal + tax = total
```

Ínfọ́ìsì tí èyí kò bá ti bára mu, ọ̀dọ̀ ènìyàn ló ń lọ, ì báà gba 0.99. Báwo ni ẹ̀yin ṣe ṣe tiyín?

Bàbá Fáìlì

Èmi ò fẹ́ wàhálà, 0.95 ni mo fi sí ohun gbogbo. Ó mọ́gbọ́n dání ní oṣù àkọ́kọ́, nígbà tí a kò tíì mọ ìwà ẹ̀rọ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí òpin oṣù dé, iṣẹ́ àyẹ̀wò gun débi pé mo bá ọmọ iṣẹ́ kan tó ń tẹ bọ́tìnì «Gbà» láì ṣí àwòrán ìwé náà. Láti dín in kù, a ń wo ìpíndọ́gba máàkì gbogbo ohun tó wà lórí ínfọ́ìsì dípò ọ̀kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ sì ti fúyẹ́.

Ìyá Lẹ́jà

Àwa náà ní ààlà. Ohun tó bá ju 10,000 lọ, ọ̀gá ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, èyí tó bá ju 50,000 lọ, ọ̀gá méjì ni. A kò ní ìṣòro kankan láti ìgbà náà.

Olùyẹ̀wò Àgbà

Ẹ̀yin Ìyá Lẹ́jà, ààlà ẹni tó lè fọwọ́ sí owó lẹ ń sọ, ibòmíràn ni ìbéèrè yìí wà: ṣé iye tí ẹ̀rọ kà ni iye tó wà lórí ìwé? Ọ̀gá méjì lè fọwọ́ sí 4,800.00 tí kò tọ́, bí kò bá sẹ́ni tó wo ìwé náà. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì lè pàdé, nítorí àwa náà ń béèrè máàkì tó ga jù lọ́wọ́ ínfọ́ìsì tí owó rẹ̀ bá pọ̀.

Bàbá Fáìlì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́ nínú ìpíndọ́gba yẹn. Bí ohun mẹ́sàn-án bá gba 0.99, tí nọ́ńbà ínfọ́ìsì sì gba 0.40, ìpíndọ́gba ṣì ju 0.93 lọ, nọ́ńbà tí a kà lódì yẹn ló sì ń jẹ́ kí a san owó kan lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ẹ̀rọ kò ní mọ̀ pé ínfọ́ìsì náà ti wọlé rí. Èyí tó kéré jù ni kí ẹ máa wò.

Ní ti déètì yín, Akọ̀wé, ẹyọ kan nínú 40 kò tó ohun tí a lè gbára lé. Bí ẹ bá kó 40 mìíràn, ẹ lè rí mẹ́rin. Ẹ kó púpọ̀ sí i kí ẹ tó fi ọkàn balẹ̀ sí 0.70, pàápàá fún déètì bíi 03/04, tí ẹ̀rọ lè kà dáadáa kó sì fi oṣù ṣe ọjọ́. Ìṣirò yín dára, ṣùgbọ́n bí ojú ewé kejì bá sọnù nígbà síkáànì, owó orí lè má sí níbẹ̀ rárá, ìṣirò náà kò sì ní ṣiṣẹ́. Ẹ rí i pé òfo kò kọjá bí ẹni pé ó bára mu.

Nọ́ńbà àkáǹtì ńkọ́? Àwa kò fi ààlà máàkì kankan sí i. Èyí tó wà nínú ìwé olùtajà lọ́dọ̀ wa la fi ń wé e, bí ó bá sì yàtọ̀, a ń pe olùtajà lórí nọ́ńbà fóònù tí a ti ní tẹ́lẹ̀, kì í ṣe èyí tó wà lórí ínfọ́ìsì. Ìwé ayédèrú tí ìtẹ̀ rẹ̀ mọ́ kedere lè gba 0.99 láìsí wàhálà.

Ohun tó dùn mí jù nìyí: ní ọjọ́ kan tí àwọn tó ni sọ́fítíwíà tún un ṣe, iṣẹ́ àyẹ̀wò wa dín kù ní ìdajì, a sì yọ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a tó mọ̀ pé máàkì ló ga sókè, àṣìṣe kò dín kù. Láti ìgbà náà, a tọ́jú àwọn ínfọ́ìsì kan sọ́tọ̀ tí a fi ń dán an wò ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún un ṣe, a sì ń yan márùn-ún láì ṣe ojúsàájú nínú gbogbo 100 tó kọjá láìsí àyẹ̀wò, kí ènìyàn lè wò wọ́n.

Bàbá Fáìlì

Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n márùn-ún nínú 100 yẹn tún jẹ́ iṣẹ́. Ta ni yóò ṣe é ní òpin oṣù?

Olùyẹ̀wò Àgbà

Kò rọrùn. Àwa máa ń ṣe é ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó sì túmọ̀ sí pé owó mìíràn ti jáde kí a tó rí àṣìṣe.

Akọ̀wé Ìṣirò

Ẹ ṣeun gan-an. Mo padà wo àwọn 300 náà lálẹ́ àná, mo sì rí ìwé mẹ́rin tí àyè owó orí ṣófo tí ìṣirò wa gbà wọlé, bí ẹ ti sọ gẹ́lẹ́. A ti tì í. Ohun kan ṣì wà tó rú mi lójú: ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò ń rí iye tí ẹ̀rọ kà kí ó tó wo ìwé, mo sì ro pé ojú rẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Bí a bá pa iye náà mọ́, kí ó fúnra rẹ̀ tẹ ohun tó rí, iṣẹ́ yóò pẹ́ sí i. Ǹjẹ́ ẹnì kan nínú yín ti ṣe é fún àpapọ̀ owó nìkan rí?