Báńkì dá owó tí mo fi ránṣẹ́ sílé dúró: kí ni kí n kọ sí wọn?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilẹ̀ òkèèrè ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Owó tí mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi ti kúrò nínú àkáǹtì mi, kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Báńkì ní kí n fi ẹ̀rí ibi tí mo ti rí i ránṣẹ́. Wọn ò sọ ìdí (mo gbọ́ pé òfin kì í gbà wọ́n láyè nígbà mìíràn).

Owó náà tó ìlọ́po mẹ́ta owó oṣù mi. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, mo fi pamọ́ díẹ̀díẹ̀ ni, sìtétímẹ́ǹtì àti ìwé owó oṣù mi fi hàn bẹ́ẹ̀. Ìyókù ló ta kókó: gbèsè tí ọ̀rẹ́ mi jẹ mí ni, kéèṣì ló kó fún mi, mo sì lọ san án sí àkáǹtì. Ẹnì kan ní kí n pe gbogbo rẹ̀ ní owó oṣù. Mi ò gbà, torí wọ́n á rí kéèṣì yẹn nínú sìtétímẹ́ǹtì.

Ṣé lẹ́tà tí ọ̀rẹ́ mi fọwọ́ sí, pẹ̀lú ẹ̀rí ọjọ́ tí mo yá a lówó, á tó? Ẹ̀yin tó ti bá irú èyí pàdé, báwo lẹ ṣe kọ tiyín?