Ẹ sọ ti yín: olùdókòwò wo ló ti bá yín dá owó pọ̀ rí, kí ló sì gbà?

Ìyá Aláró, Òkè-Fìà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Adìrẹ ni mò ń ṣe nílùú Òṣogbo yìí, a sì ti forúkọ ilé-iṣẹ́ wa sílẹ̀. Bọ̀dá kan láti Èkó fẹ́ fi mílíọ̀nù 10 náírà sí i, kí a fi gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, kí a sì ra àwọn ìkòkò aró ńlá. Lórí fóònù, a jọ gbà pé iṣẹ́ náà tó mílíọ̀nù 40. Lójú tèmi, 40 ni iṣẹ́ mi tó kí owó rẹ̀ tó wọlé. Tówó bá wọlé, ó di 50, ìpín tiẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́ á wá jẹ́ 10 nínú 50, ìyẹn pásẹ́ǹtì 20. Àfi ìgbà tí ìwé dé, pásẹ́ǹtì 25 ni mo bá níbẹ̀. Aró ṣì wà lọ́wọ́ mi, mò ń ṣírò lórí fóònù, ṣíṣírò, àtúnṣírò, títí ojú fóònù fi di búlúù. Mo pè é. Ó ní, "Mọ́mì, owó tèmi wà nínú 40 yẹn." Ìyẹn ni pé 30 péré ló ka iṣẹ́ mi sí!

Baba Onígàárì
Èmi ò dé ibi ìṣírò yẹn rárá. Àbúrò ìyá mi bá mi dá owó ẹ̀rọ gàárì, a pín ṣíà ní ìdajì-ìdajì nítorí pé ẹbí ni wá. Nígbà tó di ọ̀rọ̀ ibi tí a ó gbé ẹ̀rọ sí, èmi ní Òkè-Báálẹ̀, ó ní Ìkìrun. Kò sẹ́ni tó lè borí ẹnì kejì. Ọdún kan àbọ̀ ni ẹ̀rọ fi wà lábẹ́ tapólìn.

Màmá Ìbejì
Èlé mélòó ni yóò máa gbà lóṣù? Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa kì í gbà jù bó ṣe yẹ lọ.

Ìyá Aláró, Òkè-Fìà
Màmá, kì í ṣe gbèsè. Kò sí èlé, n kò sì ní san án padà lóṣù. Ara ilé-iṣẹ́ ló ń rà. Tí iṣẹ́ bá dojú dé, owó tiẹ̀ náà lọ nìyẹn.

Ọmọ Ìgbóǹnà
Ẹ má jẹ́ kó dé 25 o. Òfin ní ẹni tó bá ti ní 25 lè dí ìpinnu ńlá lọ́wọ́.

Lọ́yà Àlékúwodò
Àbúrò, o sún mọ́ ọn. Lábẹ́ òfin ilé-iṣẹ́ ti 2020, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìbò ló ń gbé irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ kọjá. Tó bá ní 25 géérégé, 75 tó kù pé. Ó gbọ́dọ̀ fi díẹ̀ lé ní 25 kó tó lè dí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní 10 pàápàá lè dí i, bí àdéhùn bá ti sọ pé ẹ ò gbọdọ̀ ṣe nǹkan kan láìgbàṣẹ òun. Ìyá Aláró, kí ni wọ́n kọ nípa bí ẹ bá ta ilé-iṣẹ́ lọ́jọ́ iwájú?

Ìyá Aláró, Òkè-Fìà
Wọ́n ní yóò kọ́kọ́ gba owó rẹ̀, lẹ́yìn náà yóò bá wa pín èyí tó kù bí ṣíà rẹ̀ bá ṣe tó.

Lọ́yà Àlékúwodò
Mà, ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ tẹjú mọ́, ju 20 tàbí 25 lọ. Pé kó kọ́kọ́ gba owó rẹ̀, ó wọ́pọ̀. Kó tún wá bá yín pín ìyókù ni mo kọ̀. Ẹ jẹ́ ká ní pásẹ́ǹtì 20 lẹ fún un, ẹ sì ta ilé-iṣẹ́ ní mílíọ̀nù 30. Yóò mú 10, á ku 20. Yóò tún mú pásẹ́ǹtì 20 nínú rẹ̀, ìyẹn 4. Ó di 14 fún un, 16 fún yín. Ẹni tó ní ìdá kan nínú márùn-ún gbé nǹkan bí ìdajì lọ! Ẹ ní kó mú ọ̀kan: yálà owó rẹ̀ padà, tàbí ìpín ṣíà rẹ̀. Ní 30, yóò mú 10, ẹ ó mú 20. Tó bá jẹ́ 100 lẹ tà á, ìpín ṣíà ni yóò mú, mílíọ̀nù 20, ẹ̀yin 80.

Ọmọ Ìgbóǹnà
Ṣé 20 gan-an kò pọ̀ jù? Tí ẹlòmíràn bá tún wá lọ́dún tó ń bọ̀, tiyín á tún fúyẹ́ sí i.

Lọ́yà Àlékúwodò
Yóò fúyẹ́ lóòótọ́, tiẹ̀ náà yóò sì fúyẹ́. Níbi owó àkọ́kọ́, láàárín 10 sí 25 ni mo máa ń rí.

Ìyá Aláró, Òkè-Fìà
Mo ti pè é padà. Ó gbà pé kí 40 jẹ́ iye iṣẹ́ mi kí owó tó wọlé, ó sì gbà kí òun mú ọ̀kan ṣoṣo bí a bá tà á. Èyí tí kò gbà ni ti yíyá owó: ó ní n kò gbọdọ̀ yá ju mílíọ̀nù 2 lọ láìgbàṣẹ òun. Aró àti aṣọ funfun tí mo ń rà lásìkò ọdún Ọ̀ṣun máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwìn ni mo sì máa ń rà á.

Lọ́yà Àlékúwodò
Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwìn ọjà kì í ṣe yíyá owó, kí ẹ sì gbé 2 yẹn lọ sí 5.

Baba Onígàárì
Èmi ò gbà. Owó rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ó yẹ kó mọ̀ bí gbèsè bá ń ga.

Ìyá Aláró, Òkè-Fìà
Àwìn ni n ó bá a sọ lọ́jọ́bọ̀. N kò tíì fọwọ́ sí nǹkan kan.